Gbèsè àkúrun nínú pápá koríko tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń kọ àròkọ

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìdáàbòbò ẹ̀dá níbí ní Abẹ́òkúta máa ń gba àròkọ lórí bí ẹ̀dá ṣe ń kú tán nínú pápá koríko tí wọ́n ti gé sí ègé ègé, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń tẹ̀ lé e. Mo kó wọn jọ síbí. Àwọn kan kò gbà ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ. Àwọn tí mo fà gùn ni ibi tí mo ti rí i pé àròkọ máa ń wọ́.

Kí ni mẹtapopuléṣọ̀n?

Àgbájọ agbo ni. Ẹ jẹ́ ká mú pápá ńlá kan tí oko, ọ̀nà àti ilé ti gé. Lórí ègé kan, ẹ̀yà labalábá kan ní agbo tirẹ̀. Lórí ègé kejì, tó jìn sí i tó kìlómítà kan, ẹ̀yà kan náà ní agbo mìíràn. Àwọn agbo wọ̀nyí kéré, nítorí náà ìgbàkigbà ni ọ̀kan nínú wọn lè parẹ́: ewéko tí wọ́n ń jẹ lè gbẹ lọ́dún kan, tàbí kí abo tó kù má rí akọ. Ṣùgbọ́n labalábá láti ègé mìíràn lè fò dé, kó yé ẹyin, kí agbo tuntun sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ti àtijọ́ ti lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ìtẹ̀dó bá ń bá píparẹ́ dọ́gba, ẹ̀yà náà á wà, bí kò tilẹ̀ sí agbo kan pàtó tó máa pẹ́ títí.

Richard Levins ló fi ìṣirò gbé èrò yìí kalẹ̀ ní 1969. Kòkòrò tó ń ba oko jẹ́ ló ń rò nígbà náà. Ẹ̀yìn náà ni àwọn tó ń dáàbò bo ẹ̀dá rí i pé tiwọn náà wà níbẹ̀, nítorí ohun tó sọ ni pé ẹni tó dúró sórí ègé kan ṣoṣo kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀yà tó ń wò wà nínú ewu. Agbo iwájú rẹ̀ lè kún fún ìlera kí ẹ̀yà náà sì máa lọ sí òpin. Ó sì lè jẹ́ pé agbo iwájú rẹ̀ ló ń kú lọ, tí ewu kankan kò sì wu ẹ̀yà náà.

Ṣé gbogbo ẹ̀dá tó bá wà káàkiri ègé pápá la lè pè bẹ́ẹ̀?

Rárá. Ibí yìí ni mo ti máa ń rí àṣìṣe tó pọ̀ jù. Ilkka Hanski, onímọ̀ ọmọ Fínláǹdì tó kú ní 2016, ló sọ ohun tó yẹ kí a yẹ̀ wò. Ègé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí ẹ̀dá náà ti lè bímọ, kó má kàn jẹ́ ibi tó ń gbà kọjá. Kò gbọdọ̀ sí ègé kan tó tóbi débi pé agbo orí rẹ̀ kò lè parẹ́, torí bí ó bá wà, ibẹ̀ nìkan ló ń bọ́ gbogbo ìyókù, a kò sì nílò ìṣirò Levins mọ́. Àwọn ègé kò gbọdọ̀ jìn síra débi tí ìtẹ̀dó kò ti ní ṣeé ṣe. Èyí tó kẹ́yìn ni pé kò yẹ kí gbogbo agbo máa gòkè, kí wọ́n sì máa sọ̀ kalẹ̀ pọ̀ lọ́dún kan náà, nítorí bí ọ̀dá kan bá pa gbogbo wọn pọ̀, kò ní sí ẹni tó máa wá tún ibẹ̀ tẹ̀dó.

Nínú àròkọ, ẹ fi ìpínrọ̀ kan sọ bí ẹ̀dá tí ẹ yàn ṣe bá nǹkan mẹ́rin yìí mu. Bí ẹ kò bá rí ẹ̀rí fún ọ̀kan, ẹ sọ ọ́ ní gbangba. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ máa ń wá ìpínrọ̀ yẹn.

Báwo ni ìṣirò Levins ṣe ń ṣiṣẹ́? Mi ò fẹ́ràn ìṣirò.

Kò le. Lẹ́tà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀:

dp/dt = cp(1 − p) − ep

p ni ìdá àwọn ègé tí agbo wà lórí wọn. c ni agbára ìtẹ̀dó. e ni bí agbo kan ṣe súnmọ́ àtiparẹ́ tó lọ́dún kan. Apá àkọ́kọ́ sọ pé ìtẹ̀dó nílò ohun méjì: ibi tí ẹni tó ń bọ̀ ti máa gbéra, èyí ni p, àti ibi òfìfo tó máa bọ́ sí, èyí ni 1 − p. Apá kejì ni àwọn tó ń lọ. Nígbà tí apá méjèèjì bá dọ́gba, p á dúró sí 1 − e/c.

Bí ènìyàn bá wá ba lára àwọn ègé jẹ́, ẹ fi h dúró fún ìdá àwọn tó kù. Ìṣirò náà á di:

dp/dt = cp(h − p) − ep

Ibi ìdúró rẹ̀ á sì di h − e/c. Ẹ wò ó dáadáa: bí h bá sọ̀ kalẹ̀ dé e/c, ibi ìdúró di òdo. Ẹ̀yà náà máa parẹ́ pátápátá nígbà tí ègé tó dára fún un ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan sí i. Èmi ni mo yan iye wọ̀nyí kí ìṣirò lè rọrùn. Kì í ṣe ti ẹ̀dá kan pàtó. Ègé 100 ló wà, c jẹ́ 0.5, e jẹ́ 0.2. e/c jẹ́ 0.4, nítorí náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ègé 60 ló ní agbo, 40 ṣófo. Ẹnìkan wá fi katakata tú 30 nínú wọn láìwo èyí tó ní agbo àti èyí tí kò ní. Ègé 70 ló kù. Lọ́jọ́ tí katakata dákẹ́, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì ní agbo nínú ìwọ̀nyẹn, ìyẹn 42. Ṣùgbọ́n ibi ìdúró tuntun jẹ́ 0.7 − 0.4, ìyẹn 30. Ègé 12 wà tí agbo wọn máa lọ bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kan koríko kan mọ́. 12 yẹn ni gbèsè àkúrun.

Ta ló kọ́kọ́ pè é ní gbèsè?

David Tilman, Robert May, Clarence Lehman àti Martin Nowak ni, ní 1994. Wọ́n fi ìṣirò irú ti Levins ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tó ń bá ara wọn du àyè, wọ́n sì rí i pé ẹ̀yà tó lágbára jù nínú ìdíje, àmọ́ tí kì í rìn jìnnà, ló lè kọ́kọ́ lọ. Èyí ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu, nítorí irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń gba ilẹ̀ jù, kò sì sí ẹni tó ń dààmú nípa rẹ̀. Bí ti ẹni tó rajà láwìn ni ọ̀rọ̀ náà: ilẹ̀ ni a ti ná tán, ẹ̀dá tí a máa fi san án ni kò tíì jáde lọ́wọ́ wa.

Kí ló dé tí gbèsè kan fi ń pẹ́ àtisan, tí òmíràn sì ń yá?

Ohun méjì ló fà á. Èkíní ni ẹ̀mí gígùn ẹ̀dá náà, màá padà sí i níbi tí mo bá ti sọ̀rọ̀ ewéko. Èkejì ni bí ilẹ̀ tó kù ṣe súnmọ́ ẹnu ààlà tó, ìyẹn e/c, èyí ni ọ̀pọ̀ àròkọ sì ń fò kọjá.

Ẹ lo iye kan náà. Ká ní katakata tú ègé 90, ó ku 10. Agbo tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ 6. Lẹ́yìn ọdún 10, ìṣirò náà ń sọ pé ó ku bí ẹyọ kan. Ó yá kánkán, ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ á sì rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ègé 65 ni wọ́n tú, ó ku 35, èyí tó fi díẹ̀ relẹ̀ sí ẹnu ààlà wa tó jẹ́ 40. Agbo ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 21. Lẹ́yìn ọdún 10, ó ku bí 8. Lẹ́yìn ogún ọdún, bí 5. Ó di ọgọ́ta ọdún kó tó ku bí ẹyọ kan. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n tú ilẹ̀ ti di bàbá àgbà, ẹ̀yà náà sì ṣì ń hàn níbí àti lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ òdo ló ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Hanski àti Otso Ovaskainen sọ èyí ní kedere ní 2002: ẹ̀yà tí ilẹ̀ rẹ̀ wà nítòsí ẹnu ààlà ló ń fà á pẹ́ jù, nítorí náà gbèsè máa ń kójọ sọ́dọ̀ irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Ó ṣe mí láàánú pé àwọn gan-an ni ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba kì í sábà rí, nítorí wọ́n ṣì wà lójú.

Ègé tó ṣófo ńkọ́? Ṣé a lè fi kọ́lé, níwọ̀n ìgbà tí nǹkan kan kò sí níbẹ̀?

Ẹ padà sí ìṣirò wa. Nígbà tí ègé jẹ́ 100, 40 ló ṣófo. Nígbà tí ó di 70, tí agbo sì fìdí kalẹ̀ sí 30, 40 náà ló ṣófo. Iye òfìfo kò yí padà, e/c ni. Ègé òfìfo ni ibi tí àwọn tó ń bọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ sí, bí wọn kò bá sì sí, àwọn tó ń parẹ́ kò ní rí arọ́pò. Ẹni tó bá tú ègé òfìfo 12 kò pa labalábá kan lójú ẹni, àmọ́ ó ti fi 12 dín ibi ìdúró gbogbo àgbájọ náà kù. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá mú ìwé wá pé òun wá ilẹ̀ náà, òun kò sì rí ẹ̀dá tó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ìbéèrè tó kàn ni: báwo ni ó ṣe jìn sí ègé tó ní agbo tó?

Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí gbogbo èyí lórí ilẹ̀, àbí inú ìwé nìkan ló wà?

Wọ́n ti rí i, ní erékùṣù Ọ́láǹdì ní Fínláǹdì. Labalábá kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ jẹ́ Melitaea cinxia, tó ń gbé orí pápá gbígbẹ kéékèèké. Irú pápá bẹ́ẹ̀ tó bí 4,000 níbẹ̀. Láti 1993 ni àwọn èèyàn Hanski ti ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́dọọdún. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni ìwà ẹ̀dá náà: àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣì jẹ́ ìdin máa ń gbé pọ̀ nínú ilé tí wọ́n fi okùn tínrín hun sára ewéko méjì tí wọ́n ń jẹ, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń la ìgbà òtútù já. Ní ìparí oṣù Ògún àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wọ pápá, wọ́n á wá àwọn ilé funfun náà, wọ́n á sì kà wọ́n. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ojú àti sùúrù ló gbà.

Ohun tí wọ́n rí ni pé ègé ọgọ́rọ̀ọ̀rún díẹ̀ péré ló ń ní agbo lọ́dún kan, ọ̀pọ̀ agbo máa ń parẹ́ kí ọdún tó yí po, àwọn mìíràn sì máa ń hù níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Agbo kékeré ló ń parẹ́ jù. Ègé tó súnmọ́ àwọn mìíràn ló ń tètè rí arọ́pò, torí labalábá yìí kì í sábà kọjá kìlómítà méjì tàbí mẹ́ta. Hanski fi èyí tún ti Levins ṣe ní 1994: ègé ńlá ní ewu díẹ̀, ègé tó wà nítòsí ní ìrètí púpọ̀. Levins ti ka gbogbo ègé sí ọgbọọgba, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ níbikíbi. Ní 1998, Ilik Saccheri àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kún un pé agbo tí àwọn ìbátan ti ń gun ara wọn jù máa ń parẹ́ ju bí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe yẹ lọ.

Ìkìlọ̀ kan tún ti ibẹ̀ wá. Ọ̀dá 2018 kan gbogbo erékùṣù náà lẹ́ẹ̀kan. Ewéko gbẹ lórí ègé ńlá àti kékeré, iye ilé ìdin sì já wálẹ̀ gidigidi. Nígbà tí ìyà kan náà bá jẹ gbogbo agbo lọ́jọ́ kan náà, jíjẹ́ tí wọ́n pọ̀ kò ràn wọ́n lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àpẹẹrẹ gbèsè nínú pápá koríko wo ló dára jù fún àròkọ?

Ti Ẹsitóníà. Ó kún, ó sì ṣeé tẹ̀ lé ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀.

Pápá kan wà ní etíkun àti erékùṣù ilẹ̀ náà tí wọ́n ń pè ní àlífà. Erùpẹ̀ tó wà lórí òkúta ẹfun rẹ̀ tínrín, nítorí náà igi kò tètè hù. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni àgùntàn àti màlúù fi jẹ níbẹ̀, ẹnu wọn sì pa koríko mọ́ ní kúkúrú, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ewéko kéékèèké fi rí oòrùn. Lẹ́yìn àwọn ọdún 1930 ni dídaran dín kù. Igi júnípà àti páínì wọlé, pápá tó gbòòrò sì di ègé ègé.

Aveliina Helm, Hanski àti Meelis Pärtel jáde pẹ̀lú iṣẹ́ wọn ní 2006. Wọ́n yan àlífà 35. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ka ẹ̀yà ewéko, àmọ́ àwọn tí kò lè gbé ibòmíràn nìkan ni wọ́n lò. Ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì: ewéko tó lè hù níbikíbi, tó tún ń rọ́ wọlé láti ẹ̀bá ọ̀nà àti oko, á mú kí iye dà bí ẹni pé kò sí ohun tó sọnù. Lẹ́yìn náà wọ́n fi máàpù ayé ìsinsìnyí wọn bí ègé kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó àti bí ó ṣe súnmọ́ àwọn yòókù tó. Wọ́n fi máàpù 70 ọdún sẹ́yìn wọn ohun kan náà.

Ìbéèrè wọn wá rọrùn: èwo nínú máàpù méjèèjì ló lè sọ iye ẹ̀yà tó wà níbẹ̀ lónìí? Ti ìsinsìnyí kò lè sọ ọ́. Ti 70 ọdún sẹ́yìn ló sọ ọ́. Ègé tó ti di bíńtín, àmọ́ tó jẹ́ pápá ńlá nígbà ayé àwọn bàbá àgbà, ṣì ní ẹ̀yà púpọ̀. Ewéko náà ń gbé bí ẹni pé pápá àtijọ́ ṣì wà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wọn gbèsè náà. Wọ́n mú àlífà 14 tí kò pàdánù ilẹ̀ púpọ̀, wọ́n gbà pé ìwọ̀nyẹn ti dọ́gba, wọ́n sì fi wọ́n mọ iye ẹ̀yà tí ègé tó tóbi báyìí báyìí lè gbà. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n yẹn ka orí àwọn ègé tó ti kéré gan-an. Ohun tó lé ni gbèsè. Ó jẹ́ bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún iye ẹ̀yà tó wà lórí ègé kọ̀ọ̀kan lónìí.

Ẹ má kọ pé ìdá 40 ewéko Ẹsitóníà máa kú tán. Ohun tí wọ́n wọn ni ohun tó máa sọnù lórí ègé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yà tó sọnù níbí lè ṣì wà lórí ègé mìíràn. Ẹ sì má fi pamọ́ pé máàpù àtijọ́ ṣàlàyé ìdá 27 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ègé. Ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ló ń darí ìyókù.

Kí ló jẹ́ kí ewéko lè dúró tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀mí wọn gùn. Ọ̀pọ̀ ewéko pápá máa ń wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì máa ń ta gbòǹgbò jáde láti hu òmíràn láìlo irúgbìn. Irúgbìn àwọn kan tún lè sùn nínú erùpẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Nítorí náà ìdí kan lè ṣì wà láàyè níbi tí kò ti bímọ láti ìgbà pípẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá gbèsè wà, ẹ má ka àgbà nìkan. Ẹ wá ọmọ tuntun. Agbo tó kún fún àgbà ìdí, tí èéhù kò sì sí lábẹ́ wọn, ti ń sọ nǹkan fún yín.

Jochen Krauss àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn ní 2010, lórí pápá 147 ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Yúróòpù. Ewéko ẹlẹ́mìí gígùn tí kì í gbé ibòmíràn ṣì ń tẹ̀ lé bí pápá ṣe rí tẹ́lẹ̀. Labalábá kò ṣe bẹ́ẹ̀: tiwọn ti bá ilẹ̀ ìsinsìnyí mu. Gbèsè labalábá ti di sísan, ti ewéko ṣì wà nílẹ̀, lórí pápá kan náà.

Ṣé gbèsè ewéko ní Ẹsitóníà fi hàn pé àgbájọ agbo ni wọ́n?

Kò fi hàn bẹ́ẹ̀, inú mi sì máa ń dùn bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè èyí. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwọn onímọ̀ kan, bíi Robert Freckleton àti Andrew Watkinson ní 2002, ti jiyàn pé ewéko tó bá òfin àgbájọ agbo mu kò pọ̀, nítorí ìtẹ̀dó wọn ń pẹ́ jù, a kì í sì sábà rí i. Ewéko lè jẹ gbèsè nítorí pé ìdí àtijọ́ rẹ̀ kàn ń gbọ́n dànù díẹ̀díẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tún ibì kankan tẹ̀dó. Nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí a là láàárín ègé méjì kò ní gba ẹ̀yà náà là. Nínú ti labalábá Ọ́láǹdì, ó lè gbà á. Nítorí náà, ẹ fi Ọ́láǹdì ṣe àpẹẹrẹ àgbájọ agbo, ẹ fi Ẹsitóníà ṣe àpẹẹrẹ gbèsè, kí ẹ sì sọ ibi tí okùn tó so wọ́n pọ̀ dáńgájíá àti ibi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́.

Ṣé gbogbo pápá tó fọ́ ló jẹ gbèsè?

Rárá. Dries Adriaens àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá a ní Bẹ́ljíọ̀mù lórí pápá òkúta ẹfun, wọn kò rí ẹ̀rí rẹ̀. Iṣẹ́ wọn náà jáde ní 2006. Níbi tí ilẹ̀ ti tán jù tàbí tí ó ti pẹ́ jù, gbèsè ti lè di sísan, ohun tó kù sì ni ohun tó máa kù. Èyí kì í ṣe ìròyìn ayọ̀.

Ǹjẹ́ a lè fagi lé gbèsè náà kó tó di sísan?

Bẹ́ẹ̀ ni, ibí yìí ló fi yàtọ̀ sí àkúrun fúnra rẹ̀. Nínú ìṣirò wa, bí a bá dá ègé 20 padà sórí 35, h á di 0.55, ibi ìdúró á sì di 15. Ẹ̀yà tó ń lọ sí òdo ti yí padà. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nígbà tí agbo ṣì wà tó máa tẹ ègé tuntun dó. Ní Ẹsitóníà, láàárín 2014 sí 2019, wọ́n gé júnípà àti páínì kúrò lórí bí héktà 2,500 àlífà, wọ́n sì dá ẹran padà síbẹ̀. Ibi tí dídaran bá tún dáwọ́ dúró, igi á padà wá.

Ṣé mo lè fi Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ? Koríko pọ̀ láti Camp títí lọ sí Alábàtà.

Ẹ lè ṣe é, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ pápá wa yìí jẹ́ ibi tí igbó ti wà rí, tí oko dídá àti iná ẹ̀ẹ̀rùn wá sọ di ilẹ̀ koríko. Bí ẹ bá fi ọ̀nà Ẹsitóníà wọ̀n ọ́n, tí ẹ sì sọ pé koríko ni ohun tó ń sọnù, ó lè jẹ́ pé igbó ló ń padà bọ̀. Gbèsè tó wà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ti ẹ̀dá igbó tó há sí etídò àti igbó orò, tí ẹnikẹ́ni kò kà.

Ibi tí mo máa yàn ni orí àpáta. Òkè olókùúta bíi Olúmọ, àti àwọn kéékèèké tó wà káàkiri Ọ̀dẹ̀dá, ní koríko àti ewéko nínú erùpẹ̀ tínrín tó wà láàárín òkúta, níbi tí igi ńlá kò ti lè ta gbòǹgbò. Ìwọ̀nyẹn jẹ́ ègé láti ilẹ̀ wá, ẹnikẹ́ni sì lè rí ibi tí ọ̀kan parí sí. Àwọn tó ń fọ́ òkúta ń mú lára wọn lọ, ilé ń yí àwọn mìíràn ká, ewé Akíntọ́lá sì ń bo ẹ̀bá wọn. Àwòrán sátẹ́láìtì Landsat wà láti 1972, ọ̀fẹ́ sì ni, àmọ́ ti àkọ́kọ́ kò mú tó láti rí àpáta kékeré; ẹ lò ó fún ohun tó yí àpáta náà ká.

Ẹ ṣọ́ iná pẹ̀lú. Bí iná oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá sun àpáta kan lọ́dún yìí, tó sì sun òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, agbo lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Bí ó bá sun gbogbo wọn lọ́sẹ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ wọn á dà bíi ti ọ̀dá 2018. Ìyàtọ̀ yìí ṣeé kọ sílẹ̀ láìní ju ìwé àti bírò lọ, àwọn àgbẹ̀ àdúgbò sì lè sọ ọdún tí iná dé ibi kọ̀ọ̀kan.

Àyè àròkọ mi kò ju ọ̀rọ̀ 1,500 lọ. Kí ni kí n yọ kúrò?

Ẹ yọ ìtàn gígùn nípa bí ilẹ̀ ṣe ń bàjẹ́ láyé kúrò. Kò sí ẹni tó bẹ̀ yín fún un. Ẹ fi ìṣirò náà sílẹ̀ pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan tí ẹ ṣe fúnra yín, kí ẹ yan c àti e tiyín, kí ẹ sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí h wà lókè e/c díẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi Ẹsitóníà sílẹ̀ ní kíkún, pẹ̀lú ìdá 40 àti ìdá 27 rẹ̀ pọ̀. Ti Abẹ́òkúta lè jẹ́ ìpínrọ̀ kan, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé ìbéèrè tó ṣeé wọ̀n ló wà nínú rẹ̀: àpáta wo, ewéko wo, àti ọdún wo ni ẹ fẹ́ fi wé ti òní.